Ogún Tí Kò Ní Òkú: Bí Lẹ́tà Ogún Láti Òkèèrè Ṣe Ń Gba Owó Lọ́wọ́ Ẹni

Ẹni tó kọ lẹ́tà náà sábà máa ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá báńkì, tàbí lọ́yà, tàbí aláṣẹ ìjọba kan ní ilẹ̀ òkèèrè. Ó ní àjèjì kan, tó jẹ́ ẹnjiníà tàbí agbaṣẹ́ṣe, fi mílíọ̀nù 10.5 dọ́là pamọ́ sí báńkì òun. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú já pẹ̀lú ọkùnrin náà, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yè nínú wọn. Láti ìgbà náà, ẹbí kankan kò yọjú. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ìjọba yóò gbẹ́sẹ̀ lé owó náà. Ṣùgbọ́n, bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, orúkọ ìdílé olóògbé bá ti ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí mu. Bí onítọ̀hún bá gbà kí wọ́n pe òun ní àrólé, 40 nínú 100 owó náà di tirẹ̀. Kí ó ṣáà má ṣe sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni.

Nígbà kan, inú àpòòwé tí wọ́n lẹ sítáǹbù mọ́ ni lẹ́tà yìí ń gbà dé. Lẹ́yìn náà ó gba orí fáàsì, lẹ́yìn náà ìméèlì. Ní báyìí ó ń gba orí fóònù wọ ọwọ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbarà àti ọwọ́ oníṣòwò àdìrẹ ní Ìtòkú. Àwọn kan gbà pé òyìnbó nìkan ni wọ́n ń fi mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ará Abẹ́òkúta ni wọ́n ń wá, òkú inú lẹ́tà ni wọ́n máa ń pààrọ̀: ó lè di ìyá àgbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ṣàìsàn tó fẹ́ kí onígbàgbọ́ kan bá òun fi ogún òun ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run, tàbí ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó rí àpótí owó lójú ogun. Iṣẹ́ kan náà ni. Gbájúẹ̀ ni wọ́n ń pè é nígboro. Òfin Nàìjíríà ka fífi irọ́ gba nǹkan oní-nǹkan sí ẹ̀ṣẹ̀ ní abala 419 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà tí gbogbo ayé fi mọ iṣẹ́ náà ti wá.

Ohun tó ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti gbà ni pé ọlọ́gbọ́n náà ń kó sínú rẹ̀. Wọ́n á ní ojúkòkòrò ló fà á, wọ́n á sì bu ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tú iṣẹ́ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò rí i pé ẹni tó tò ó mọ ọkàn ọmọ èèyàn dáadáa. Kò sí ogún kankan níbẹ̀. Owó kékeré tí wọ́n ń béèrè kí ogún tó dé, òun gan-an ni èrè wọn, gbogbo ohun yòókù kàn wà láti mú kí sísan rẹ̀ dà bí ọgbọ́n ni.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, tí a to jọ láti inú bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ti fẹ̀yìn tì fèsì lẹ́tà. Wọn kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì àti ẹ̀dà páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ ni wọ́n ní kó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí dé: ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ilé-ẹjọ́ tó ní òǹtẹ̀ pupa, lẹ́tà báńkì tí orúkọ òun fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àrólé. Lọ́yà kan pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní kó san 450 dọ́là fún ìbúra nílé-ẹjọ́.

Ìpín tirẹ̀ nínú mílíọ̀nù 10.5 jẹ́ mílíọ̀nù 4.2 dọ́là. Kí ni 450 jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn? Ó yá owó, ó san án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní àjọ kan ń béèrè ìwé ẹ̀rí pé owó náà kì í ṣe owó oògùn olóró tàbí ti àwọn apániláyà, 2,800 sì ni owó ìwé náà. Bí ó ti san ìyẹn tán ni owó orí dé, 7,500. Ó ti ná 10,750 dọ́là báyìí, kò sì tí ì fojú kan dọ́là kan.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ọjà tí wọ́n ń tà fún un ti yí padà láìjẹ́ pé ó mọ̀. Nígbà tó san 450, ìrètí mílíọ̀nù mẹ́rin ló rà. Nígbà tó san 2,800, 450 tó ti lọ ló ń gbìyànjú láti rà padà, nítorí bó bá dúró, gbèsè tó jẹ yóò di òfo. Bẹ́ẹ̀ ni 7,500 ṣe wá ń dáàbò bo 3,250 tó ṣáájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí sísan ẹ̀ẹ̀kejì fi rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí ẹ̀ẹ̀kẹta sì rọrùn ju ti ẹ̀ẹ̀kejì. Bó bá fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n á fi ojú òpó báńkì kan hàn án tí wọ́n fúnra wọn kọ́, níbi tí yóò ti rí orúkọ rẹ̀ àti mílíọ̀nù 4.2 lójú kòrókòró. Yóò tẹ bọ́tìnì pé kí owó lọ sínú àkáǹtì òun, yóò dé ìdajì, yóò dúró, yóò sì béèrè nọ́ńbà àṣírí kan. Nọ́ńbà náà ní owó tirẹ̀. Bó bá tún lọ́ra, wọ́n á ní àrólé mìíràn ti yọjú láti ìlú mìíràn, pé ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ìbéèrè kan wà tó ń fọ́ gbogbo rẹ̀: bí báńkì bá ní mílíọ̀nù 10.5 lọ́wọ́, kí ló dé tí kò yọ 450 nínú rẹ̀ kó sì fi ìyókù ránṣẹ́? Àwọn oníjìbìtì mọ ìbéèrè yìí. Wọ́n ti tọ́jú èsì rẹ̀: wọ́n á ní òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan owó náà títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àrólé, tàbí pé ìwé adójútòfò tó bo owó náà kọ̀ ọ́. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo èsì tí wọ́n bá fún un, ibì kan náà ló ń forí tì sí: kí owó jáde láti inú àpò tirẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹbí olóògbé. Ó ti gbà láti parọ́. Nítorí náà, bí ojú rẹ̀ bá là, ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kò sì lè sọ ọ́ fún ìyàwó tàbí ọmọ tó kìlọ̀ fún un. Ìdí nìyí tí lẹ́tà fi ń sọ láti ọjọ́ kìíní pé kó pa ẹnu mọ́. Àṣírí yẹn kì í ṣe fún ààbò owó kankan. Ààbò ẹni tó kọ lẹ́tà ni.

Ó yẹ kí ará Ẹ̀gbá rí àṣìṣe inú lẹ́tà yìí kíákíá, nítorí pé bí ogún ṣe ń rìn ní ilẹ̀ wa kò fara jọ ọ́ rárá. Bí àgbà kan bá kú ní Aké, ní Òkè-Ọnà, ní Gbágùrá tàbí ní Òwu, òkú ni a kọ́kọ́ mọ̀, kí a tó sọ̀rọ̀ ohun tó fi sílẹ̀. A mọ ilé tó ti jáde, a mọ àwọn ìyàwó rẹ̀, a mọ iye ọmọ tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan bí. Olórí ẹbí ló ń pe ìpàdé. Wọ́n lè pín ogún ní ìdí-igi, ìyẹn ni pé ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ gba ìpín kan, tàbí kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀. Ẹjọ́ tó lókìkí jù lórí èyí, ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, dá lórí ọkùnrin kan ní Èkó tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ó dé ilé-ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ilé-ẹjọ́ náà sì gbà pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá. Àríyànjiyàn náà le, ó sì gba ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọmọ bàbá kan náà ló wà. Kò sí ẹni tó ti ìlú mìíràn wá pé orúkọ òun bá ti olóògbé mu.

Ti owó báńkì kò yàtọ̀ nínú èyí. Bí olóògbé kò bá ṣe ìwé ìhágún, àwọn ọmọ tàbí ẹbí rẹ̀ ní láti lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ògùn láti tọrọ ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún. Wọ́n á mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ. Wọ́n á kọ gbogbo dúkìá olóògbé sílẹ̀. Báńkì fúnra rẹ̀ yóò kọ iye tó wà nínú àkáǹtì sórí fọ́ọ̀mù ilé-ẹjọ́, àwọn onídùúró yóò fọwọ́ síwèé, wọ́n á sì kéde rẹ̀ ní gbangba kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ lè sọ ọ́. Ìkéde yìí ni kí èèyàn fi wé àṣírí inú lẹ́tà. Òfin fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ̀rọ̀ ogún kí ó tó di ti ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà náà ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

Àwọn lọ́yà máa ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù báńkì pé òun ni ìbátan tó sún mọ́ni jù lọ kò tipa bẹ́ẹ̀ di àrólé. Ẹni tí báńkì yóò ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù yẹn ló ń sọ ẹni tó ni ogún; ìwé ìhágún, òfin tàbí àṣà ló ń sọ ọ́. Nítorí náà, bí ọ̀gá báńkì kan bá tilẹ̀ wà lóòótọ́ tó fi orúkọ àjèjì sínú fọ́ọ̀mù olóògbé, kò tíì fún àjèjì náà ní kọ́bọ̀ kan. Orí àìmọ̀ yìí ni gbogbo ìtàn lẹ́tà náà dúró lé.

Òótọ́ ni pé ẹbí tó ń tọrọ ìwé àṣẹ ní láti san owó ilé-ẹjọ́, nígbà mìíràn kí ìwé náà tó jáde. A kò gbọ́dọ̀ fi èyí pa mọ́, nítorí àwọn oníjìbìtì ń lò ó láti fi mú irọ́ wọn dún bí òótọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹbí mọ òkú wọn, inú àkáǹtì ìjọba ni owó ń lọ, wọ́n ń gba rìsíìtì, ọ́fíìsì náà sì wà níbi tí èèyàn lè rìn dé kí ó sì bèèrè. Ti owó orí lórí ogún ńkọ́? Nàìjíríà ti fagi lé òfin tó ń gba irú owó orí bẹ́ẹ̀ láti 1996. Ẹni tó bá ń gba owó orí ogún lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà ní orúkọ ìjọba Nàìjíríà, òfin tó ti kú ló ń tọ́ka sí.

Owó tí ẹnikẹ́ni kò béèrè fún pẹ̀lú ní ọ̀nà tirẹ̀. Lábẹ́ ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní 2024, àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́wàá ní láti lọ sí ìkáwọ́ Báńkì Àpapọ̀, níbi tí yóò wà títí olówó tàbí àrólé rẹ̀ yóò fi wá gbà á. Ní Ìlú Ọba, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi tẹ orúkọ àwọn tó kú láìní àrólé jáde fún gbogbo ayé láti kà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ibì kankan nínú ètò wọ̀nyí tí òṣìṣẹ́ kan ti ń dá jókòó lóru wá orúkọ tó jọ ti olóògbé.

Iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́tà ń wọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà pé ọlọ́rọ̀ kan wà lẹ́wọ̀n ní Sípéènì, pé ó ní ìṣúra tó fi pamọ́, pé ẹni tó bá rán owó díẹ̀ wá láti fi tú u sílẹ̀ yóò pín nínú rẹ̀. Àwọn ará wa tètè kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1920, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ P. Crentsil, tó ti ṣiṣẹ́ rí lábẹ́ ìjọba amúnisìn ní ẹ̀ka ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, kọ lẹ́tà sí ẹnì kan ní ilẹ̀ Gánà ìsinsìnyí. Ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ìyanu, ó ní òun ní agbára tí yóò ṣe ẹni náà láǹfààní bí ó bá san owó. Ní Oṣù Kejìlá 1921, wọ́n gbé e lọ sílé-ẹjọ́ lábẹ́ abala 419, adájọ́ kìlọ̀ fún un, ó sì lọ sílé. Owó kékeré kí ohun ńlá tó dé ló ti wà níbẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Ikú àwọn ẹni ńlá ló fún lẹ́tà náà ní ẹran ara ní ìgbà tiwa. Mobutu kú ní 1997, Ọ̀gágun Sani Abacha kú ní Oṣù Kẹfà 1998, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá Gbágùrá, sì kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Láìpẹ́, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí jáde lórúkọ opó wọn, pé owó wà tí ìjọba fẹ́ gbà. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Concorde já ní Oṣù Keje 2000, àwọn oníjìbìtì mú orúkọ nínú àwọn tó kú, wọ́n fi àdírẹ́sì ìròyìn nípa ìjàǹbá náà sínú ìméèlì, wọ́n ní kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lọ kà á fúnra rẹ̀. Ó kà á, ó sì rí orúkọ náà. Òótọ́ ni ọkọ̀ já. Òótọ́ ni ẹni náà kú. Ohun tí kò sí ni owó.

Bí èèyàn bá sì rò pé púrúǹtù nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí lè mú, kó wo Nelson Sakaguchi. Ọ̀gá ni ní báńkì Banco Noroeste ní ìlú São Paulo, ní Bìràsílì. Ẹni tó ń fi owó ṣe iṣẹ́ jẹun lójoojúmọ́. Láàárín 1995 sí 1998, Emmanuel Nwude, tó ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí Union Bank rí, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Nwude pe ara rẹ̀ ní Paul Ogwuma, ẹni tó jẹ́ Gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gan-an nígbà náà. Ti èyí kì í ṣe ogún. Iṣẹ́ kíkọ́ pápákọ̀ òfuurufú tuntun sí Àbújá ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, pẹ̀lú mílíọ̀nù 10 dọ́là gẹ́gẹ́ bí èrè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti lẹ́tà ogún: aláṣẹ ńlá kan ní ìlú jíjìn, owó ńlá tó ń bọ̀, owó tí a ní láti san kí ó tó dé, àti àṣírí.

Sakaguchi ń san án láti inú owó báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí báńkì Santander ti Sípéènì fẹ́ ra Noroeste, tí wọ́n ń yẹ ìwé wò ní 1997, ẹnì kan béèrè ìdí tí owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fi wà ní erékùṣù Cayman láìsí ẹni tó ń bójú tó o. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Àpapọ̀ ohun tó lọ jẹ́ mílíọ̀nù 242 dọ́là. Àwọn ìdílé tó ni báńkì náà fi owó ara wọn dí ihò yẹn kí títà náà tó lè wáyé. Ní Oṣù Kọkànlá 2005, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà rán Nwude lọ sẹ́wọ̀n ọdún 25.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó yẹ kí a ronú lé lórí ni pé Ogwuma wà láàyè, ó sì wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ìpè kan ṣoṣo sí nọ́ńbà Báńkì Àpapọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, dípò nọ́ńbà tí Nwude fún un, ì bá ti fòpin sí i. Jíjìnnà aláṣẹ náà ni agbára irọ́ yìí. Ẹni tó wà ní Bìràsílì kò lè yà wò ó ní ọ́fíìsì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà ní Láfẹ́nwá kò ṣe lè yà wo lọ́yà ní Màdíríìdì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe kàyéfì pé lẹ́tà wọ̀nyí burú ní kíkọ, pé irọ́ inú wọn hàn gbangba. Cormac Herley, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ Microsoft, dáhùn rẹ̀ ní 2012. Ó ní fífi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mílíọ̀nù èèyàn kò ná oníjìbìtì ní nǹkan. Ohun tó ná an ni àkókò tí yóò fi bá ẹni tó bá fèsì sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí lẹ́tà bá dùn jù, ẹgbẹ̀rún èèyàn yóò fèsì, púpọ̀ nínú wọn yóò sì sá nígbà tí ọ̀rọ̀ owó sísan bá dé. Àsọdùn inú lẹ́tà ni asẹ́ tó ń jọ̀ wọ́n. Ẹni tó ń ṣiyèméjì yóò pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó kù ni ẹni tó ṣeé ṣe kó san. Nítorí náà, pé lẹ́tà kan kò jọ ọ̀mọ̀wé kò túmọ̀ sí pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan wà tó tún gba ọ̀nà mìíràn, tí lẹ́tà tiwọn mọ́ tónítóní. Ní àwọn ọdún tó kọjá yìí, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní gúúsù Fúlọ́rídà dájọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tí wọ́n kó wá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sípéènì àti Pọ́túgà. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí àwọn arúgbó ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé aṣojú báńkì kan ní Sípéènì ni àwọn, pé ẹbí wọn kan tó ti kú láti ọdún pípẹ́ ní Pọ́túgà fi ogún tó tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni owó ìfiránṣẹ́, owó orí, àti owó tí kò ní jẹ́ kí ìjọba bi wọ́n ní ìbéèrè. Ó lé ní 400 èèyàn tó kó sínú rẹ̀, ohun tí wọ́n sì pàdánù lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là. Olórí kan nínú wọn gba ẹ̀wọ̀n oṣù 128, ìyẹn ọdún mẹ́wàá àti oṣù mẹ́jọ.

Nínú ẹjọ́ náà ni ohun tó burú jù lójú ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yìí wà. Bí wọ́n ti gbọ́n arúgbó gbẹ, tí kò ní owó mọ́, wọn kò fi í sílẹ̀. Wọ́n á ní kó máa bá àwọn gba owó tí àwọn mìíràn bá fi ránṣẹ́, kó sì máa ta á látaré, kí ogún tirẹ̀ lè yá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì di ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ ń bá wọn lu ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n bá bẹ̀ ní Abẹ́òkúta pé kó yá wọn ní àkáǹtì rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré yẹ kó mọ̀ pé orúkọ tirẹ̀ ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ bá nínú ìwé báńkì.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i lè wo orí ìméèlì náà, níbi tí kọ̀ǹpútà ń kọ ibi tó ti wá àti ibi tí èsì yóò lọ sí. Ó lè rí ohun tó jọ èyí:

```
From: "Central Bank of Nigeria" <info@cbn.gov.ng>
Reply-To: <estate.office@example.com>
```

Orúkọ tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ ṣeé fi èké kọ. Ìlà kejì ni èsì yóò tọ̀, kò sì ní ohun kan ṣe pẹ̀lú Báńkì Àpapọ̀, tí àdírẹ́sì rẹ̀ ń parí sí `cbn.gov.ng`. Bí ìlà méjèèjì bá yàtọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bára mu, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di òótọ́, nítorí wọ́n lè ra àdírẹ́sì tó fi lẹ́tà kan péré yàtọ̀ sí ti gidi. Báńkì Àpapọ̀ kì í sì í bá aráàlú lásán ṣí àkáǹtì, kò sì sí ogún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ìméèlì lásán lè mú jáde.

Òfin kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ yìí. Ìgbà ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n dá àjọ EFCC sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003. Òfin ọdún 2006 lórí irú jìbìtì yìí fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí ogún ọdún lélẹ̀, láìsí àǹfààní láti san owó ìtanràn dípò rẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ 2025, EFCC kó èèyàn 93 níbi àríyá kan ní Abẹ́òkúta lórí ìfura pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ ayélujára lu jìbìtì. Ìfura kì í ṣe ẹ̀bi, ilé-ẹjọ́ nìkan ló lè sọ ìyẹn. Síbẹ̀, kò sí òbí kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó tún lè ní ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ilé òun.

Ẹni tó bá ti san owó, ẹ jẹ́ kó dúró níbi tó dé. Kó pe báńkì rẹ̀ ní wákàtí náà gan-an, nítorí owó tí kò tíì kúrò nínú àkáǹtì tó gbà á ṣì ṣeé dì mú, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tètè kó o jáde. Kó má ṣe pa lẹ́tà, nọ́ńbà àti rìsíìtì rẹ́, ẹ̀rí ni. Kó sì mọ̀ pé lẹ́tà mìíràn ń bọ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹnì kan yóò kọ̀wé pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ EFCC tàbí ti àjọ àgbáyé kan, pé wọ́n ti mú àwọn tó lù ú ní jìbìtì, pé owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀, pé ó ku owó kékeré kan tí yóò san kó tó gbà á. Àwọn kan náà ni, tàbí àwọn tí wọ́n ta orúkọ rẹ̀ fún.

Ẹ̀yin ọmọ àti ìyàwó tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bàbá tàbí ìyá yín ṣe ẹlẹ́yà. Ìtìjú ló ń mú kí wọ́n pa á mọ́ra, pípa á mọ́ra sì ni oníjìbìtì fi ń gba ẹ̀ẹ̀kẹrin àti ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Ẹ bá wọn jókòó, ẹ kó àwọn ìwé náà jọ, ẹ tẹ̀ lé wọn lọ sí báńkì, kí ẹ sì kọ ẹ̀sùn sí EFCC. EFCC kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni kí ó tó gba ẹ̀sùn rẹ̀.